Kí Ló Dé Tí Ìṣirò Fi Ń Tàsé Lẹ́yìn Kìlómítà 30?

Ní oṣù kẹta ọdún 2010, ní ìlú Lisbon lórílẹ̀-èdè Pọtogí, ọmọ Ẹritríà kan tó ń jẹ́ Zersenay Tadese sá ìdajì máratọ́ọ̀nù, ìyẹn kìlómítà 21 àti díẹ̀, ní ìṣẹ́jú 58 àti ìṣẹ́jú àáyá 23. Kò sẹ́ni tó sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí láyé títí di ọjọ́ náà. Ẹni tó bá mú bírò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tó fi ìṣirò táwọn asáré ń lò káàkiri àgbáyé wo ohun tí Tadese lè ṣe bó bá sá odindi máratọ́ọ̀nù, wákàtí 2, ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 43 ni yóò rí níbẹ̀. Ẹ rántí pé àkókò tó yá jù lágbàáyé nígbà náà ni wákàtí 2, ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 59, èyí tí Haile Gebrselassie sá ní Berlin lọ́dún 2008. Ohun tí ìwé ń sọ ni pé Tadese yóò fi ìṣẹ́jú méjì gbáko yá ju Haile lọ.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ló sá ti Lọ́ńdọ̀nù. Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 12 ló gbà á. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní Berlin, ló tó sá èyí tó yá jù lọ tí wọ́n fọwọ́ sí fún un láyé rẹ̀, wákàtí 2, ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú àáyá 46. Lójú ọ̀nà kan náà, lọ́jọ́ kan náà, Eliud Kipchoge ọmọ Kẹ́ńyà fi wákàtí 2, ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 39 dé, ó sì gba ipò ẹni tó yá jù lágbàáyé. Bẹ́ẹ̀, ìdajì máratọ́ọ̀nù tí Kipchoge sá yá jù láyé rẹ̀, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú àáyá 25 ni. Ó fi ìṣẹ́jú kan lọ́ra ju ti Tadese lọ.

Bí a bá fi ìdajì wọn ṣe ìdájọ́, Tadese ni yóò wà níwájú. Nígbà tí ọ̀nà di ìlọ́po méjì, Kipchoge fi ìṣẹ́jú méje sílẹ̀ fún un. Kì í ṣe pé Tadese kò mọ eré é sá o. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Sípéènì ti wọn afẹ́fẹ́ tó ń lò bó ṣe ń sáré, wọ́n sì kọ ọ́ jáde lọ́dún 2008 pé ara rẹ̀ kì í fi afẹ́fẹ́ ṣòfò rárá, pé ó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn asáré tí wọ́n tíì wọ̀n. Ibòmíràn ni ọ̀rọ̀ náà wà, ibẹ̀ gan-an ló sì ń mú àwa tá a kì í ṣe Tadese tàbí Kipchoge, àwa tá à ń fi wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún sá máratọ́ọ̀nù ní Èkó.

Ẹni tó gbé ìṣirò yìí kalẹ̀ ni Pete Riegel, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà tóun náà fẹ́ràn eré sísá. Ọdún 1977 ló kọ́kọ́ gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Runner's World, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ nínú American Scientist lọ́dún 1981. Bó ṣe rí nìyí:

```
T2 = T1 × (D2 / D1)^1.06
```

T1 ni àkókò tí ẹ fi sá eré tó kọjá, D1 sì ni bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe gùn tó. D2 ni gígùn eré tó ń bọ̀. T2 ni àkókò tí a ń wá. Ká ní kò sí àárẹ̀ láyé, òǹkà tó wà lókè yẹn ì bá jẹ́ 1 lásán, ẹni tó bá sì fi wákàtí kan sá kìlómítà 10 yóò fi wákàtí méjì sá 20. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ṣe ń gùn sí i ni ẹsẹ̀ ń lọ́ra sí i. 0.06 tó lé lórí 1 yẹn ni ìdíwọ̀n àárẹ̀. Pẹ̀lú rẹ̀, bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, àkókò yóò di ìlọ́po 2.085. Ẹ jẹ́ ká máa pe 1.06 yìí ní òǹkà àárẹ̀, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Níbo ni Riegel ti rí i? Ó kó àkókò àwọn tó yá jù lágbàáyé jọ, láti ọ̀nà kúkúrú dé ọ̀nà jíjìn, ó sì wo bí eré wọn ṣe ń dín kù. Òun fúnra rẹ̀ sọ ibi tí ìṣirò náà mọ: eré tó gba ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta àtààbọ̀ sí ìṣẹ́jú 230. Gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ mú, torí ọ̀pọ̀ tó ń lo ìṣirò náà lórí fóònù ni kò gbọ́ ọ rí. Ìṣẹ́jú 230 jẹ́ wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 50. Ẹni tó bá ti máa lò ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú ọ̀nà máratọ́ọ̀nù ti jáde kúrò ní agbègbè tí Riegel fọwọ́ sí, bẹ́ẹ̀ àwọn bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wa.

Ẹ jẹ́ ká fi ènìyàn kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní obìnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì n'Íbàdàn, tó ń sáré lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ó sá kìlómítà 10 ní ìṣẹ́jú 55. Ó fẹ́ sá máratọ́ọ̀nù Èkó, ó sì bi ìṣirò Riegel léèrè. Ìdáhùn tó gbà ni pé yóò sá ìdajì máratọ́ọ̀nù ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 21, yóò sì sá odindi ní wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 13. Ìyẹn túmọ̀ sí ìṣẹ́jú mẹ́fà géérégé fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Òǹkà tó dùn ún rántí ni, ó sì rọrùn láti máa fi aago ọwọ́ ṣọ́.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ó sá ìdajì máratọ́ọ̀nù. Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 5 ló gbà á. Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́ta àtààbọ̀ pẹ́ ju ohun tí ìwé sọ lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní kò tó nǹkan, pé bóyá omi ló dá wọn dúró díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́ta àtààbọ̀ yẹn ni ẹ̀rí tó níye lórí jù lọ́wọ́ rẹ̀, torí nísinsìnyí ó ti ní àkókò méjì, kò sì nílò láti yá òǹkà àárẹ̀ ẹlòmíràn lò mọ́. Ó lè wá tirẹ̀. Bó bá ṣí Excel lórí fóònù rẹ̀, ohun tó máa tẹ̀ nìyí:

```
=LN(125/55)/LN(21.0975/10)
```

125 ni ìṣẹ́jú tó fi sá ìdajì, 55 ni ti kìlómítà 10. Ohun tó máa jáde jẹ́ 1.10. Òǹkà àárẹ̀ tirẹ̀ kì í ṣe 1.06, 1.10 ni. Kó wá fi èyí wo odindi máratọ́ọ̀nù:

```
=125*(42.195/21.0975)^1.1
```

Ìṣẹ́jú 268 ló máa rí, ìyẹn wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 28. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà láàárín èyí àti ìlérí àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àtààbọ̀ ní ìdajì ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní òpin, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kò ju ìlọ́po méjì lọ.

Ẹ wò ó dáadáa, ohun tó fà á kò le. Àṣìṣe inú òǹkà àárẹ̀ kì í dúró sójú kan, ńṣe ló ń tẹ̀ lé gígùn tí a fi kún ọ̀nà. Ẹni tó bá fi kìlómítà 5 sọ tẹ́lẹ̀ nípa kìlómítà 10, ìyàtọ̀ tó wà láàárín 1.06 àti 1.10 kò ní tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún àkókò rẹ̀, ó lè má tilẹ̀ kíyè sí i. Bó bá fi kìlómítà 5 kan náà sọ̀rọ̀ nípa máratọ́ọ̀nù, ìyàtọ̀ náà á sún mọ́ ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Lára wákàtí mẹ́rin, ìyẹn ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi kìlómítà 5 nìkan pinnu bó ṣe máa sá máratọ́ọ̀nù, bó ti wù kí eré náà dára tó.

Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lára àwọn asáré gidi pẹ̀lú. Lọ́dún 2016, Andrew Vickers, onímọ̀ ìṣirò kan ní New York, àti Emily Vertosick tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, kó àkókò àwọn asáré lásán tó lé ní 2,300 jọ, àwọn tó ń sáré fún ìgbádùn ara wọn, wọ́n sì fi ìṣirò Riegel wé ohun tí wọ́n sá gan-an. Títí dé ìdajì máratọ́ọ̀nù, ìṣirò náà ṣe dáadáa. Nígbà tó kan odindi, ó tàsé pátápátá: fún ìdajì àwọn asáré náà, àkókò tó sọ fi ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́wàá yá jù. Ẹ kíyè sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dúró ṣinṣin, lẹ́yìn ìdajì ló wá ṣubú. Ohun kan ń ṣẹlẹ̀ láàárín kìlómítà 21 àti 42 tí òǹkà kan ṣoṣo kò lè gbé.

Ohun náà ni oúnjẹ inú ara. Ṣúgà tí ara kó pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ ló ń gbé asáré, ó sì ní ìwọ̀n. Lára ẹni tó jẹun dáadáa, nǹkan bíi 2,000 kálórì ni, ó lè dín, ó lè lé díẹ̀. Eré sísá ń jẹ bíi kálórì kan fún kílógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Bí obìnrin wa bá wọn kílógíráàmù 65, ìdajì máratọ́ọ̀nù yóò jẹ bíi 1,370 kálórì. Ohun tó wà nílẹ̀ ká a. Odindi yóò jẹ ju 2,700 lọ, ìyẹn kò sí nílẹ̀. Ọ̀rá ara yóò bá a san lára gbèsè náà, ṣùgbọ́n ọ̀rá kì í tètè di agbára bíi ṣúgà, ó sì ń béèrè afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i. Bí ṣúgà bá tán tó ku ọ̀rá nìkan, asáré kò ní lè sá eré tó ń sá tẹ́lẹ̀ mọ́, kódà bí ó fẹ́.

Ẹ ronú nípa jẹnẹrétọ̀ ilé. Iná rẹ̀ kì í ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀ bí epo ṣe ń dín. Bákan náà ni yóò máa tàn títí epo á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ìṣirò Riegel dà bí ẹni ń fojú inú wo àárẹ̀ tó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìdáwọ́ dúró. Kò mọ̀ pé táǹkì wà.

Èyí ló tún mú kí àwọn tó ń sáré púpọ̀ lọ́sẹ̀ sún mọ́ ìṣirò ju àwọn tó ń sáré díẹ̀ lọ. Eré gígùn tí ènìyàn ń sá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń kọ́ iṣan láti lo ọ̀rá púpọ̀ sí i kí ṣúgà lè pẹ́, ó tún ń jẹ́ kí iṣan lè kó ṣúgà púpọ̀ pamọ́. Vickers àti Vertosick fi iye kìlómítà tí ènìyàn ń sá lọ́sẹ̀ kún ìṣirò tiwọn, ó sì sún mọ́ òtítọ́ ju ti Riegel lọ. Asáré méjì lè jọ sá kìlómítà 10 ní ìṣẹ́jú 55, kí ọ̀kan máa sá kìlómítà 25 lọ́sẹ̀, kí èkejì máa sá 70. Ìṣirò Riegel yóò fún àwọn méjèèjì ní wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 13. Ẹni tó ń sá 70 lè dé ibẹ̀. Ẹni tó ń sá 25, mi ò rò ó.

Ẹ má gbàgbé ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà gbé ẹsẹ̀ bíi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì kí iṣan itan má fara pa díẹ̀, bí ó sì ti ń fara pa ni ìgbésẹ̀ ń kúrú, tí eré kan náà wá ń gba agbára jù.

Ooru ni èyí tó kàn wá jù. Àwọn máratọ́ọ̀nù tí wọ́n ti ń sá àkókò tó yá jù lágbàáyé, bíi Berlin, ojú ọjọ́ ibẹ̀ máa ń tutù láàárọ̀. Máratọ́ọ̀nù Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, tó ń gbéra ní Surulere tó sì ń parí sí Eko Atlantic, oṣù kejì ọdún ni wọ́n ń sá a, àsìkò tí Èkó ń gbóná tó sì ń móoru. Inú afẹ́fẹ́ tó kún fún omi bẹ́ẹ̀, òógùn kì í gbẹ lára, ó kàn ń dà sílẹ̀ ni. Òógùn tí kò gbẹ kò sì tu ara lára. Ọkàn yóò wá máa fa ẹ̀jẹ̀ lọ sí awọ ara kí ooru lè jáde, èyí tó ń lọ sí iṣan yóò dín kù.

Ohun tó sì burú níbẹ̀ ni pé ooru kì í ṣe ìdọ́gba. Ẹni tó ń fi wákàtí méjì sá a ti wẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹni tó ń fi wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ sá a, ìdajì kejì, tí ṣúgà ń tán lára rẹ̀, ni oòrùn ń tò lé e lórí. Nítorí náà, ìṣirò tó fi àárọ̀ tútù wọ̀n àwọn àgbà asáré ń ṣe àṣìṣe lẹ́ẹ̀mejì fún asáré lásán ní Èkó.

Ó tún ṣeé ṣe kí ìṣirò jẹ́ aláìlẹ́bi, kó jẹ́ pé àkókò tí a fún un ló ní àbùkù. Ọ̀nà kìlómítà 10 ti Okpekpe ní Ìpínlẹ̀ Edo kún fún òkè. Ẹni tó bá fi àkókò ibẹ̀ sọ tẹ́lẹ̀ nípa ọ̀nà tó tẹ́jú yóò rí òǹkà tó lọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ, bó bá sì fi í wá òǹkà àárẹ̀ rẹ̀, òǹkà náà yóò kéré jù, yóò sì tàn án. Aago ọwọ́ tó ń bá sátẹ́láìtì ṣiṣẹ́ náà ní tirẹ̀. Láàárín ilé gíga, ó sábà máa ń ka ọ̀nà gùn ju bó ṣe rí lọ, kìlómítà 10 tí ẹ rí lójú rẹ̀ lè má pé. Riegel fúnra rẹ̀ mọ èyí dáadáa. Ó wà lára àwọn tó ń wọn ọ̀nà eré ìje ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti yẹ̀ wò dáadáa wọ̀n ọ́n, wọ́n sì máa ń fi mítà kan kún kìlómítà kọ̀ọ̀kan kí ọ̀nà má bàa kúrú. Àkókò tó yẹ kí ẹ fún ìṣirò ni ti eré ìje gidi, lójú ọ̀nà tí wọ́n wọ̀n, níbi tí ẹ ti lo gbogbo agbára yín, láàárín oṣù méjì sí eré tó ń bọ̀. Eré ìdárayá tí ẹ sá pẹ̀lú ọ̀rẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí.

Lẹ́yìn tí máratọ́ọ̀nù bá parí, ó ṣeé mọ ohun tó yẹ ìṣirò. Ẹ wo àkókò kìlómítà márùn-ún márùn-ún tí àwọn elétò sábà máa ń kọ sílẹ̀. Bí eré bá dúró déédéé títí di 28 tàbí 30, tó wá ṣubú lójijì bíi ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan, tí orí ń fúyẹ́, tí mímí kò le ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ kọ̀, ṣúgà ló tán. Bí ó bá jẹ́ pé láti kìlómítà 12 tàbí 15 ni eré ti ń dín díẹ̀díẹ̀ tí ọkàn sì ń lù kíkankíkan, ooru ni. Bí ìdajì àkọ́kọ́ bá yá ju ohun tí ẹ ti ń sá nígbà ìgbáradì lọ, ìlérí ìwé ni ẹ bá lọ, òun ló ṣokùnfà méjèèjì. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló wọ́pọ̀ jù, ó sì ń dùn mí, torí ẹni tó gbéra pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́fà fún kìlómítà kan nígbà tó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́fà àti ìṣẹ́jú àáyá 21 ni agbára rẹ̀ ká kì í pàdánù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lásán. Ìrìn ẹsẹ̀ ló máa fi ń parí rẹ̀, ó sì lè lò ju wákàtí márùn-ún lọ.

Ohun tí màá sọ fún obìnrin báńkì yẹn rèé. Kó ka wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 28 sí ohun tó dára jù tó lè ṣẹlẹ̀ ní ojú ọjọ́ tútù, kì í ṣe ohun tó dájú ní Èkó. Kó fi bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún kún un nítorí ooru àti nítorí pé kò tíì sá ju 21 lọ rí nínú eré ìje. Kó máa mu ṣúgà bíi gíráàmù 30 sí 60 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀, yálà jẹ́ẹ̀lì tàbí ohun mímu, kó sì ti dán an wò nígbà ìgbáradì kí inú má bàa dà á láàmú. Kó sá kìlómítà 10 àkọ́kọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́fà àti ààbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ti wù kí ara rẹ̀ yá gágá tó. Bí agbára bá ṣẹ́kù ní kìlómítà 32, mẹ́wàá ṣì wà níwájú tó lè ná an sí.